Owó Tó Ń Bọ̀ Kì Í San Owó Oṣù

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá ni ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá àjọ kékeré kan ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ náà ni láti dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń ra ìwé ìtàn fún ọmọ, wọ́n ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọn yóò ṣe máa bá ọmọ kà á, àwọn òṣìṣẹ́ wọn sì ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn láti wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ìyá yìí ṣí ìwé àdéhùn tí òun àti onígbọ̀wọ́ wọn jọ fọwọ́ sí, ó tẹ́ ẹ síwájú mi. Ó wá fi ètò ìnáwó ọdún náà lé e lórí.

"Bá mi wò ó, àbúrò mi," ó ní. "Mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n ní àwọn á fún wa. Mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì náà la kọ pé a óò ná. A ò ná kọ́bọ̀ kan kọjá ohun tá a kọ. Kí ló wá dé tí mi ò rí owó oṣù san? Ti oṣù kẹsàn-án wà ńlẹ̀, ti oṣù kẹwàá tún dé."

Mo yẹ ìwé méjèèjì wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò jí owó, ìṣirò náà sì pé. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìwé kẹta, èyí tó yẹ kó sọ oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan yóò wọlé àti oṣù tí yóò jáde. Ètò ìnáwó máa ń sọ iye tí a óò ná àti ohun tí a óò ná an sí, kò sọ ìgbà. Ẹni tó ń ta ata ní ọjà Bódìjà lè máà nílò ìwé kẹta yìí, nítorí pé owó ń wọlé fún un lójoojúmọ́. Àmọ́ àjọ tí wọ́n ń sanwó fún lẹ́ẹ̀mẹ́rin péré láàárín ọdún, tó sì jẹ́ pé ẹni tó ń sanwó ló ń yan ọjọ́, tí òun sì gbọ́dọ̀ sanwó oṣù lẹ́ẹ̀méjìlá, irú àjọ bẹ́ẹ̀ lè ní gbogbo owó tó nílò lórí ìwé kí ebi sì máa pa òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé náà ní. Àkọ́kọ́ ni owó tó wà lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Owó tó wọlé nínú oṣù náà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà owó tó jáde, lẹ́yìn náà owó tó ṣẹ́ kù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ní ìparí oṣù yìí ni yóò di owó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a óò ṣe é títí oṣù méjìlá yóò fi pé. Bébà àti pẹ́ńsù tó o ṣe. Bó bá jẹ́ inú Excel ni ẹ fẹ́ ṣe é, ẹ kọ orúkọ oṣù sí ìlà kìíní, ẹ fi ìlà kejì sí owó ìbẹ̀rẹ̀, ìlà kẹta sí owó tó wọlé, ìlà kẹrin sí owó tó jáde, ìlà karùn-ún sí owó tó ṣẹ́ kù. Bí oṣù kìíní bá wà ní òpó B, tí oṣù kejìlá sì wà ní òpó M, ohun tí ẹ óò tẹ̀ nìyí:

```
B5: =B2+B3-B4
C2: =B5
B7: =MIN(B5:M5)
```

Ẹ óò fa ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì dé oṣù kejìlá. Ẹ̀kẹta yẹn ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Ó ń wá èyí tó kéré jù lọ nínú owó méjìlá tó ṣẹ́ kù, ìyẹn oṣù tí àpò yóò gbẹ jù. Bó bá lọ sísàlẹ̀ òdo, ọ̀ràn ti wà, ohun yòówù tí àròpọ̀ ọdún lè sọ.

Ẹ jẹ́ ká kó ohun tó wà nínú àdéhùn ìyá yìí sínú ìwé náà. Mo ti sọ iye owó wọ́n di geere kó lè rọrùn fún yín láti bá mi kà á. Ìpín mẹ́rin ni onígbọ̀wọ́ pín ₦36 mílíọ̀nù náà sí. Ìdá 40 nínú 100, ìyẹn ₦14.4 mílíọ̀nù, yóò wọlé bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kìíní. Ìdá 30, tó jẹ́ ₦10.8 mílíọ̀nù, yóò wọlé lẹ́yìn ìjábọ̀ oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. Ìdá 20, tó jẹ́ ₦7.2 mílíọ̀nù, ń dúró de ìjábọ̀ kejì, tí yóò parí sí ìparí oṣù kẹjọ. Ìdá 10 tó kù, ₦3.6 mílíọ̀nù, di ẹ̀yìn ìgbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ọ́dítọ̀ sì ti yẹ ìwé wò. Ìlà kékeré kan tún wà nínú àdéhùn náà tí ìyá yìí kò kà sí: wọn kò gbọ́dọ̀ béèrè ìpín tó kàn àyàfi bí wọ́n bá ti ná ìdá 80 nínú 100 gbogbo owó tí wọ́n ti gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ní ti ìnáwó, ₦2 mílíọ̀nù ń lọ lóṣooṣù sórí owó oṣù, ọkọ̀, dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Owó ilé jẹ́ ₦2.4 mílíọ̀nù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni onílé sì ń gbà á, ní oṣù kìíní. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ ń gba ₦1.8 mílíọ̀nù ní oṣù kejì, ó sì tún ń gba iye kan náà ní oṣù kẹsàn-án tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Oṣù kẹsàn-án yìí náà ni wọ́n kọ pé àwọn yóò ra ìwé ₦4.8 mílíọ̀nù. Wọ́n fi ₦1.2 mílíọ̀nù ti ọ́dítọ̀ sí oṣù kejìlá. Ẹ rò ó pọ̀, ₦36 mílíọ̀nù géérégé ni. Àjọ náà ní ₦1.5 mílíọ̀nù tirẹ̀ ní báńkì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe kan. Wọn a mú ₦36 mílíọ̀nù, wọn a fi 12 pín in, wọn a sì kọ ₦3 mílíọ̀nù sí abẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan. Ó ń dùn ún wò lójú, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Onílé kò ní gba owó ilé lóṣooṣù nítorí pé a pín in lórí ìwé. Oṣù tí owó yóò jáde nílé ìfowópamọ́ ni kí a kọ ọ́ sí, ní odidi rẹ̀. Owó orí òṣìṣẹ́ pàápàá ní oṣù tirẹ̀: èyí tí a yọ nínú owó oṣù yìí, ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e ni òfin ní kó ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Owó náà á wà ní báńkì fún ọjọ́ mélòó kan bí ẹni pé tiwa ni, kì í sì í ṣe tiwa.

A kọ́kọ́ fi ìpín owó sí oṣù tí ìwé àdéhùn jẹ́ kí ọkàn ẹni lọ sí: oṣù kìíní, oṣù karùn-ún, oṣù kẹsàn-án. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Owó ń lọ sílẹ̀ títí ó fi ku ₦3.7 mílíọ̀nù ní ìparí oṣù kẹrin, ìpín kejì gbé e sókè, ó tún rọra ń sọ̀ títí ó fi ku ₦1.1 mílíọ̀nù ní oṣù kọkànlá. Ní oṣù kejìlá, ó já sí òdo, ó sì tún fi ₦2.1 mílíọ̀nù wọ gbèsè. Mo ní kí ìyá yìí wo ibẹ̀ dáadáa. Bí onígbọ̀wọ́ kò bá tilẹ̀ fi ọjọ́ kan pẹ́, owó kò ní tó ní oṣù kejìlá, torí pé ìdá 10 tó gbẹ̀yìn kò lè wọlé kí iṣẹ́ tó parí. Àjọ tó fọwọ́ sí irú ìwé yìí ti gbà láti fi owó tirẹ̀ ṣe ìparí iṣẹ́ ẹlòmíràn kó tó gba owó rẹ̀ padà. Ìyá yìí fọwọ́ sí i, kò sì mọ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: ọjọ́ wo gan-an ni ìpín kejì dé? Ó ní, "Oṣù keje ni." Mo ní kí á tọpasẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin ni ìgbà ìjábọ̀ parí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ kó rìsíìtì wọn dé ní ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n sì fi ṣe ìwé owó tán, ogúnjọ́ ni ìjábọ̀ lọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì kí ọ̀gá tó ń bójú tó wọn lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́ tó dá ìbéèrè padà: èé ṣe tí owó ọkọ̀ fi ju ti ètò lọ, níbo ni òǹtẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wà lórí rìsíìtì yìí? Ìdáhùn gba ọ̀sẹ̀ kan. Ogúnjọ́ oṣù kẹfà ni wọ́n buwọ́ lu ìjábọ̀. Ẹ̀ka ìṣirò owó onígbọ̀wọ́ náà ní ọjọ́ tiwọn tí wọ́n máa ń sanwó, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje ni báńkì sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún ìyá yìí pé owó ti wọlé.

Nǹkan bí 70 ọjọ́ nìyẹn. Ìwé àdéhùn kò sọ bẹ́ẹ̀, kò sì parọ́. "Lẹ́yìn ìjábọ̀" ni ó sọ, àwa la ka "lẹ́yìn ìjábọ̀" sí "oṣù karùn-ún". Ẹni tó bá ń ṣe ìwé owó oṣù-dé-oṣù gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọwọ́ tí ìwé yóò gbà kọjá, kó sì fi ọjọ́ sí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá mọ ìṣe onígbọ̀wọ́ tuntun, kó béèrè lọ́wọ́ àjọ mìíràn tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí: láti ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ìjábọ̀ ránṣẹ́, ó pé mélòó kí owó tó dé? Ìdáhùn yẹn wúlò ju ojú ìwé mẹ́wàá nínú àdéhùn lọ.

Bí 70 ọjọ́ bá ni òṣùwọ̀n, ìpín kẹta tí ìjábọ̀ rẹ̀ parí ní ìparí oṣù kẹjọ kò lè dé kó tó di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá. A tún ìwé náà kọ. Oṣù karùn-ún ku ₦1.7 mílíọ̀nù. Oṣù kẹfà wọ gbèsè ₦300,000. Oṣù keje gòkè sí ₦8.5 mílíọ̀nù, oṣù kẹjọ ku ₦6.5 mílíọ̀nù. Ìwé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti owó oṣù wá dé lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù kẹsàn-án, gbèsè di ₦2.1 mílíọ̀nù. Oṣù kẹwàá, ₦4.1 mílíọ̀nù. Ìyá yìí gbé ojú kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní ní oṣù kẹfà, òun yá ₦300,000 lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun láti fi kún owó oṣù, òun sì rò pé ìdènà kékeré tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni. Iye tí ìwé náà fi hàn nìyẹn gẹ́lẹ́. Oṣù kẹfà ti ń pariwo ohun tí oṣù kẹwàá yóò ṣe, kò sí ìwé tí ìyá yìí fẹ́ gbà gbọ́ ọ.

Ká ní ìwé yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù kìíní, kí ni ìbá ṣe? A jókòó tì í ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, nítorí pé àdéhùn tuntun tó jọ ti tẹ́lẹ̀ ń bọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni kí òun bẹ onílé kó gba ìdajì owó ilé ní oṣù kìíní, kó gba ìdajì kejì ní oṣù keje. Bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀, ihò oṣù kẹfà dí lójú ẹsẹ̀, ₦900,000 ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Mo wá ní ká padà sí ìlà kékeré tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ìdajì owó ilé bá sún síwájú, iye tí wọ́n ná títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin yóò jẹ́ ₦11 mílíọ̀nù nínú ₦14.4 mílíọ̀nù tí wọ́n gbà. Ìdá 76 nínú 100 ni. Kò tó 80. Wọn kò lè béèrè ìpín kejì, àyàfi kí wọ́n dúró kí oṣù karùn-ún parí kí ìnáwó wọn tó kọjá òdiwọ̀n. Bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà, kí ẹ ka 70 ọjọ́: oṣù kẹjọ ni owó yóò dé. Oṣù keje, tí owó oṣù àti ìdajì owó ilé ń dúró, yóò wọ gbèsè ₦2.3 mílíọ̀nù. Ìsúnná tó dí ihò ₦300,000 ló gbẹ́ ihò tó fi ìlọ́po méje jù ú lọ.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń gba owó ní ìpín-ìpín mọ̀ ju ohunkóhun lọ. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, bí kò bá tètè ná owó, owó á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fún àjọ tó wà lábẹ́ òfin ìdá 80, bí kò bá tètè ná owó, òmíràn kò ní wọlé. Nítorí náà, lábẹ́ ìlà mẹ́rin ìwé náà, mo máa ń fi ìlà karùn-ún kún un: gbogbo owó onígbọ̀wọ́ tí a ti ná, ká fi wé gbogbo èyí tí a ti gbà, kó hàn ní ìdá nínú 100 ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Ìlà yìí ló sọ fún wa pé a kò lè sún ju ₦680,000 lọ nínú ìnáwó oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́. A mú ₦600,000, ìdá mẹ́rin owó ilé, pé kí onílé gbà á ní oṣù keje. Ìnáwó ìparí oṣù kẹrin wá jẹ́ ìdá 80 àti ohun kékeré kan lórí rẹ̀, oṣù kẹfà sì ku ₦300,000 lókè òdo.

Ìlà kan náà tún fi ohun tí n kò bá má rí hàn wá. Ní ìparí oṣù kẹjọ, wọn yóò ti ná ₦20.2 mílíọ̀nù nínú ₦25.2 mílíọ̀nù. Ìdá 80 rẹ̀ jẹ́ ₦20.16 mílíọ̀nù. ₦40,000 péré ló wà láàárín wọn àti ìpín kẹta! Bí òjò oṣù keje bá dá òṣìṣẹ́ dúró tí wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan, tí owó ọkọ̀ sì ṣẹ́ kù, ìjábọ̀ kò ní lè lọ. Ojútùú rẹ̀ bá ti oṣù kẹsàn-án mu. Ìyá yìí bá atẹ̀wé sọ̀rọ̀ pé kó gba ìdajì owó ìwé, ₦2.4 mílíọ̀nù, ní oṣù kẹjọ tí wọ́n bá béèrè ìwé náà, kó sì dúró de ìdajì kejì títí di ìparí oṣù kọkànlá. Atẹ̀wé gbà, nítorí pé inú ọdún ẹ̀kọ́ tuntun ni òun náà ń wá owó tí yóò fi ra bébà, owó ìṣáájú sì wúlò fún un. Ìnáwó oṣù kẹjọ wá kọjá ìdá 89.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ₦1.8 mílíọ̀nù ti oṣù kẹsàn-án ló ṣòro. Bí kò bá sún sí oṣù kọkànlá, oṣù kẹwàá yóò wọ gbèsè ₦1.7 mílíọ̀nù. Bó bá sún, ₦100,000 ni yóò kù, ṣùgbọ́n ìwé tuntun yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ fún oṣù méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi bí wọn yóò ṣe lò ó hàn wọ́n. Akáúńtáǹtì kọ́ ló yẹ kó dá ìyẹn yàn. A pe obìnrin tó ń darí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọlé. Ó rò ó títí, ó ní òun yóò kó olùkọ́ kan láti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wá sí ọ́fíìsì fún ìdajì ọjọ́ ní oṣù kẹsàn-án, nínú owó tí wọ́n ń ná lóṣooṣù tẹ́lẹ̀, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi tó wáyé ní oṣù kọkànlá. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn pé kò dára tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí òṣìṣẹ́ mẹ́jọ máà gba owó oṣù lọ.

Oṣù kejìlá ló kù. Owó ọ́dítọ̀ kò tilẹ̀ yẹ níbẹ̀ rárá, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè yẹ ìwé ọdún wò kí ọdún tó parí. A gbé e sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, ₦900,000 ṣì jìn sísàlẹ̀ òdo, a kò sì rí ohun tí a lè sún mọ́. Irú ihò yìí kò ṣeé dí nínú ilé. Ẹni tó ń sanwó nìkan ló lè dí i, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ló sì yẹ kí a sọ fún un. Bí ìdá 10 tó gbẹ̀yìn bá di ìdá 5, tí ìdá 5 kejì bọ́ sínú ìpín kẹta, oṣù kejìlá yóò ku ₦900,000 lókè. Mo ní kí ìyá yìí má ṣe lọ bẹ onígbọ̀wọ́. Kó tẹ ìwé náà jáde, kó fi ọwọ́ tọ́ka sí oṣù tí àmì àyọkúrò wà, kó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé owó ta ni kí wọ́n fi sanwó oṣù náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ìlà mẹ́rin kò lè sọ. ₦100,000 tí oṣù kẹwàá kù, kì í ṣe owó onígbọ̀wọ́. Ti onígbọ̀wọ́ ti tán, ₦1.4 mílíọ̀nù nínú ₦1.5 mílíọ̀nù tí àjọ fi ọdún mélòó kan kó jọ ló ti wọ inú iṣẹ́ náà. Nítorí náà a pín owó tó ṣẹ́ kù sí ìlà méjì, tiwa àti ti iṣẹ́. Níbi tí onígbọ̀wọ́ bá ju ẹyọ kan lọ, olúkúlùkù a ní ìlà tirẹ̀. Mo ti rí àjọ kan tí báńkì rẹ̀ kún fún owó iṣẹ́ omi ẹ̀rọ, tó mú nínú rẹ̀ san owó òṣìṣẹ́ iṣẹ́ ìlera tí owó wọn pẹ́. Àpapọ̀ owó báńkì kò fi ohun kan hàn. Ìgbà tí ẹni tó yẹ kó gbẹ́ kànga béèrè owó rẹ̀ ni àṣírí tú, ó sì ná wọn ní onígbọ̀wọ́ náà.

Bó bá jẹ́ dọ́là ni owó ń bọ̀, ìlà kan tún gbọ́dọ̀ wà fún iye tí a óò fi ṣẹ́ ẹ sí náírà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó ₦500 lọ́nà ti ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦700 kí oṣù náà tó parí, ó sì kọjá ₦1,500 ní oṣù kejì ọdún 2024. Àjọ tí ìpín tirẹ̀ wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ yẹn, tó sì ti ṣẹ́ ẹ tán, fi owó náírà àtijọ́ ra epo àti ìwé ní iye tuntun. Iye tó rẹlẹ̀ jù tí a rò pé ó lè jẹ́ ni kí a fi kọ owó tó ń wọlé. Owó tí a ṣì ń tọrọ, tí a kò tíì fọwọ́ sí, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà rárá, bó ti wù kí ìrètí wa lágbára tó.

Onígbọ̀wọ́ náà wo ìwé ìyá yìí, wọ́n sì gbà kí ìdá tó gbẹ̀yìn di 5 nínú àdéhùn tuntun. Òfin ìdá 80 ní tirẹ̀ dúró. Ìwé owó náà kò parí sí oṣù kejìlá mọ́: bí oṣù kan bá ti kọjá, wọn a fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rọ́pò ohun tí wọ́n rò, wọn a sì fi oṣù tuntun kan kún ìparí rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n rí i láti oṣù kẹta pé oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀ ní owó oṣù ₦2 mílíọ̀nù, kò sì ní ìpín kankan lókè rẹ̀.

Ìyá yìí ní ìwé kékeré kan nínú báàgì rẹ̀ báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń kọ sínú rẹ̀ fún ìpín kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ tí ìgbà ìjábọ̀ parí, ọjọ́ tí ìjábọ̀ lọ, ọjọ́ tí owó dé. Ìpín kejì àdéhùn tuntun gba ọjọ́ 78. Ọjọ́ kejì ló ti fi 78 rọ́pò 70 lábẹ́ ìpín kẹta, tí owó náà sì sún láti ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá. Owó oṣù kò fara pa. Ó gbé fóònù, ó tẹ atẹ̀wé láago pé kó jọ̀wọ́ kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan sí i lórí ìdajì kejì owó ìwé. Ọjọ́ tó ń sọ ọ́ yìí, oṣù keje ni.